Ìwé Ọmọ Fìdítì sí Onímọ̀ Èso

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ rí yóò mọ Fìdítì mọ èso. Ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ ni wọ́n ń tò sẹ́bàá títì níbẹ̀, tí àwọn onímọ́tò ń dúró rà. Bí a bá tẹ̀ síwájú lójú ọ̀nà kan náà, a ó dé Ìlọrà, níbi tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá oko sílẹ̀ sí ní nǹkan bíi ọdún 1960 fún àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Sẹ́túmẹ́ǹtì. Nítorí náà, bí onímọ̀ kan bá wá sọ̀rọ̀ nípa èso ní àwọn ìlú Afijió, kì í ṣe etí tí kò mọ nǹkan ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn náà ni a ti sábà máa ń rí ọ̀dọ́ kan tó ti jáde polí, tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ lọ́kàn, tó wù ú kó lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n tí kò mọ bí yóò ṣe la ẹnu.

Ìwé tí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ lè kọ ni mo fẹ́ ṣàpèjúwe. Èmi ni mo to ìwé náà pọ̀, mo fi ohun tí ojú olóko ọsàn ń rí àti bí àwọn olùwádìí ṣe ń ṣiṣẹ́ tò ó. Mo mọrírì irú ìwé bẹ́ẹ̀ gidigidi, nítorí pé ó ń ṣe iṣẹ́ méjì tó ṣòro láti so pọ̀: ó ń dúpẹ́ láìpọ́nni, ó sì ń tọrọ láìṣagbe.

Ká sọ pé dókítà obìnrin kan, onímọ̀ nípa èso, wá láti Ìbàdàn, ó bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Ìlọrà. Ó sọ̀rọ̀ nípa ajílẹ̀, ó sọ nípa kòkòrò, ó sọ nípa iye tí ọsàn ń lọ lọ́jà. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni ó ti sọ gbólóhùn kan pé ọ̀pọ̀ ọsàn tí a ń dà nù lọ́jà, ọjọ́ tí a ká a ni ó ti gba ikú. Ó ṣàlàyé pé àrùn tó ń mú ọsàn bu kì í sábà lè wọ awọ tó dá ṣáṣá. Ojú ọgbẹ́ ni ó máa ń gbà wọlé, ìbáà ṣe ibi tí gọ̀gọ̀ ti họ ọ́, ibi tí ẹ̀gún gún, tàbí ibi tó ti fi ara gbá òkúta nígbà tó já bọ́. Ọgbẹ́ náà lè kéré dé ibi tí ojú kò ní rí i lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ibẹ̀ á rọ̀, ohun funfun á yọ, àárín funfun náà á wá di àwọ̀ ewé, yóò sì máa tú bí eruku bí a bá fọwọ́ kàn án. Ẹni tó rà á ló máa rí i, kò sì ní mọ̀ pé olóko ló dá a lọ́gbẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọ Fìdítì tí mo ń wí mú. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àtẹ̀jíṣẹ́ kúkurú ni ó fi kí dókítà: ó dárúkọ ara rẹ̀, ó sọ ibi tó jókòó sí, ó sọ pé òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ọgbẹ́ ọsàn, òun yóò sì dán an wò. Kò tọrọ ohunkóhun. Ó lọ sí oko, ó ṣe ohun tó wí. Nígbà tó parí, ó kọ ìwé yìí:

«Ẹ káàárọ̀, Dókítà. Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Èmi ni ọmọkùnrin Fìdítì tó kí yín lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá wa sọ̀rọ̀ ní Ìlọrà. Polí ni mo ti jáde, ọdún méjì ni mo fi kọ́ nípa ọ̀gbìn, oko ọsàn bàbá mi ni mo sì ń bá wọn ṣe báyìí.

Ohun kan tí ẹ sọ kò kúrò lọ́kàn mi, pé ọgbẹ́ ọjọ́ tí a ká ọsàn ni ó ń bà á jẹ́ dé ọjà. Mo dán an wò, mà. Lórí igi kan ṣoṣo, láàárọ̀ ọjọ́ kan náà lẹ́yìn tí ìrì ti gbẹ, mo fi ọwọ́ ká 20, mo sì fi gọ̀gọ̀ gbọn 20 sílẹ̀. Mo tò wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀ méjì nínú yàrá kan náà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, 9 ti bu nínú àwọn tí mo gbọ̀n sílẹ̀, 3 sì ti bàjẹ́ nínú àwọn tí mo fọwọ́ ká. Mo mọ̀ pé 40 kéré, n kò sì tíì tún un ṣe.

Àwọn 3 yẹn ni kò yé mi. Wọn kò bu. Ibi tí wọ́n ti so mọ́ ẹ̀ka ni ó dúdú, tó sì rọ̀. Mo rántí pé awọ ibẹ̀ ya lára wọn nígbà tí mo ń fà wọ́n. Ṣé ibẹ̀ ni àrùn gbà wọlé, mà?

Bí ẹ bá ń wá ọmọ tí yóò máa ka èso, tí yóò máa wọ̀n ọ́n, tí yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ lóko ìwádìí yín nígbà ìkórè tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí mi. Bí kò bá sí lọ́dọ̀ yín, ta ni kí n bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Mo lè máa wá sí Ìbàdàn láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ẹ ṣeun, mà.»

Ìwé náà tán síbẹ̀. Ẹni tó bá kà á kíákíá lè rò pé ìwé lásán ni. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀díẹ̀.

Ìkíni rẹ̀ kò gùn, síbẹ̀ kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀. Ó kí àgbà bó ṣe yẹ kí ọmọ Yorùbá kí àgbà, ó sì jẹ́ kí ó mọ ẹni tó ń kí i. Onímọ̀ tó bá gbogbo gbọ̀ngàn sọ̀rọ̀ kò lè mọ ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ yìí ràn án lọ́wọ́ láti rántí: ìlú rẹ̀, ọjọ́ ọ̀rọ̀ náà, ìkíni ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀kọ́ tó kọ́, iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìlà mélòó kan péré ni ó fi ṣe èyí. Kò ka ìtàn ìyà rẹ̀ sílẹ̀, kò sì to gbogbo ìwé ẹ̀rí rẹ̀ láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìyìn wá. Ohun kan ṣoṣo ni ó yìn, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́nà tí ẹni tó ni ín yóò fi mọ̀ pé ó yé e. Níbí ni ọ̀pọ̀ ìwé ìdúpẹ́ ti ń kùnà. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ yín dùn, ẹ la wá lójú, Ọlọ́run yóò fún yín ní okun sí i. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n irú ìyìn bẹ́ẹ̀ ṣeé fi ránṣẹ́ sí oníwàásù, sí olóṣèlú, àti sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa adìẹ. Ọ̀nà kan wà láti fi dán ìyìn wò: ká yọ orúkọ ẹni tí a kọ ọ́ sí kúrò, ká fi orúkọ olùbánisọ̀rọ̀ mìíràn sí i. Bí ìwé náà bá ṣì bá a mu, a kò tíì yin ẹnikẹ́ni. Ìyìn ọmọ Fìdítì yìí kò lè bá ẹlòmíràn mu, àfi ẹni tó sọ nípa ọgbẹ́ ọsàn ní Ìlọrà.

Ohun tó wú mi lórí jù lọ ni pé ó lọ dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ẹ wo bó ṣe ṣe é. Igi kan ṣoṣo ni ó lò, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé igi kejì ló ní àrùn. Ọjọ́ kan náà ni ó ká gbogbo rẹ̀. Ó dúró kí ìrì gbẹ, nítorí pé nígbà tí ọsàn bá tutù, tí omi sì kún awọ rẹ̀, àwọn ibi tí òróró wà nínú awọ náà máa ń tètè bẹ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́, òróró náà á sì jó awọ. Inú yàrá kan náà ni ó gbé apẹ̀rẹ̀ méjèèjì sí, kí ooru má baà pọ̀ níbì kan ju èkejì lọ. Ohun tó kù láti fi ìyàtọ̀ sáàárín apẹ̀rẹ̀ méjèèjì kò ju ọ̀nà tí a gbà ká wọn lọ. Olùwádìí tó bá ka èyí kò nílò kí ọmọ náà sọ fún un pé òun jẹ́ aláápọn. Ó ti rí i pé ọmọ yìí mọ bí a ṣe ń fi nǹkan kan wé èkejì.

Ọmọ náà kò sì bùkún ohun tó rí. Ó ní 40 kéré. Ó ní òun kò tíì tún un ṣe. Ẹlòmíràn ìbá ti kọ ọ́ pé òun ti fi ìdí ọ̀rọ̀ dókítà múlẹ̀ pátápátá, kí inú rẹ̀ lè dùn. Dókítà náà ìbá sì ti mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ yóò máa fi àkọsílẹ̀ oko tẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́rùn. Kò sí ìwà ọmọṣẹ́ tó léwu fún olùwádìí tó èyí. Bí nọ́ńbà tí ọmọṣẹ́ kọ sílẹ̀ bá jẹ́ irọ́, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta lè di òfo.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú, ojúlówó ni. Àwọn ọsàn mẹ́ta tó fọwọ́ ká tó sì bàjẹ́ kò bàjẹ́ bíi ti àwọn yòókù. Ó lè bò wọ́n mọ́lẹ̀, nítorí pé wọn kò bá ọ̀rọ̀ tó ń yìn mu. Kò bò wọ́n. Ohun tó rí sì ní ìtumọ̀, nítorí pé àrùn mìíràn wà tó máa ń fara pamọ́ síbi tí ọsàn ti so mọ́ ẹ̀ka, tí í sì mú ibẹ̀ dúdú lẹ́yìn ìkórè. Bí a bá fa ọsàn já, tí awọ ibẹ̀ sì ya, a ti ṣílẹ̀kùn fún un. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń kó ọsàn lọ sí ọ̀nà jíjìn fi máa ń fi ọ̀bẹ kékeré tàbí àlùmọ́gàjí gé e, tí wọ́n á sì fi ibi tó so mọ́ ẹ̀ka sílẹ̀ lára èso. Ọmọ Fìdítì kò mọ èyí nígbà tó ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n ó rí àmì rẹ̀, ó sì bèèrè. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń mú onímọ̀ fẹ́ dáhùn, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ìlà méjì sì tó fún un.

Ìgbà náà ni ó tó wá dé ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Kò ní kí dókítà fún òun níṣẹ́. Ó dárúkọ iṣẹ́ tó mọ̀ pé ó wà lóko ìwádìí: kíka èso, wíwọ̀n èso, kíkọ ọ́ sílẹ̀. Ó dárúkọ ìgbà, ó sọ ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń dilẹ̀. Ó sì ṣí ọ̀nà kejì sílẹ̀, pé bí kò bá sí lọ́dọ̀ yín, ta ni kí n bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Gbólóhùn yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá mọ bí ilé-iṣẹ́ ìjọba ṣe rí. Ní Ìdí-Iṣin ní Ìbàdàn ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso àti ẹ̀fọ́ wà, láti ọdún 1975. Olùwádìí níbẹ̀, tàbí ní irú ibẹ̀, kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ènìyàn sí iṣẹ́ ìjọba. Ìkéde gbọ́dọ̀ jáde, ìgbìmọ̀ sì gbọ́dọ̀ jókòó. Ohun tó wà níkàáwọ́ olùwádìí kéré sí èyí, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀dọ́ lè rí gbà: iṣẹ́ oṣù mélòó kan lórí ìwádìí kan tó ní owó tirẹ̀, àyè fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe Sáíwéèsì, tàbí ìwé tó ń bèèrè fún agùnbánirọ̀. Ẹni tó bá tọrọ ohun tí ọwọ́ ẹni tó ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó, ó ti fi agbára mú un sọ pé rárá. Ẹni tó bá tọrọ ọ̀nà yóò sábà rí ọ̀nà.

Irú ìwé yìí ti pẹ́ láyé, èyí tó lókìkí jù lọ nínú wọn sì jáde láti ọwọ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Michael Faraday ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1791 ni wọ́n bí i. Kò kàwé lọ títí. Iṣẹ́ dídi ìwé ni ó kọ́ fún ọdún méje, ó sì ń ka àwọn ìwé tó ń dì. Ní ọdún 1812, oníbàárà kan fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí Humphry Davy, àgbà onímọ̀ kẹ́mísírì, sọ ní Royal Institution. Faraday kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kò sì dúró sórí ìwé. Ní oṣù Keje ọdún náà, ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ti fi ẹyọ owó bàbà méje, pẹlẹbẹ síǹkì méje àti bébà mẹ́fà tí òun rì sínú omi iyọ̀ ṣe bátìrì, òun sì ti fi agbára rẹ̀ tú ohun tó wà nínú iyọ̀ kan tí wọ́n ń lò fún oògùn.

Ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí Joseph Banks, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nígbà náà, ó ní kí ó fún òun níṣẹ́ kíṣẹ́ tó bá jẹ mọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Kò rí èsì gbà. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ó tún àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ kọ dáadáa, ó ya àwòrán sí i, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í, ó fi í ránṣẹ́ sí Davy pẹ̀lú ìwé. Davy dá a lóhùn kí ọdún tó parí. Wọ́n rí ara wọn ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1813, Davy sì gbà á níyànjú pé kí ó fara mọ́ iṣẹ́ ìwé dídì, nítorí pé àyè kò sí. Láìpẹ́ sí i, wọ́n lé ọmọṣẹ́ kan kúrò ní Royal Institution lẹ́yìn tó jà. Davy rántí ọmọkùnrin tó di ìwé. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta, Faraday di amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì fún un ní yàrá méjì lókè ilé. Ní ọdún 1831, ẹni yìí kan náà ni ó ṣàwárí bí òòfà tó ń ṣípò ṣe lè mú iná mànàmáná jáde, èyí tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ tó ń hó ní àdúgbò wa ń lò títí dòní.

Ẹ kíyè sí ohun tó ya ìwé méjèèjì sọ́tọ̀. Ìwé tó kọ sí Banks tọrọ iṣẹ́ kíṣẹ́, kò sì rí èsì. Èyí tó kọ sí Davy gbé ẹ̀rí dání pé ó gbọ́, pé ó yé e, àti pé ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ ṣe. Davy kọ́kọ́ ní kò sí àyè, ìyẹn kò sì pa ìwé náà. Ìwé náà kàn fi orúkọ Faraday sọ́kàn Davy títí àyè fi ṣí. Nítorí náà, bí dókítà bá dá ọmọ Fìdítì lóhùn pé kò sí nǹkan báyìí, iṣẹ́ ìwé náà kò tíì parí. Ohun tó kàn ni kí ó dúpẹ́, kí ó fi ọ̀bẹ gé ọsàn lọ́tẹ̀ yìí, kí ó sì kọ ohun tó rí ránṣẹ́ ní ìgbà ìkórè. Bó bá sì jẹ́ pé èsì kankan kò dé, ìránnilétí kan péré tó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó sì ní ohun tuntun nínú. Kíkí àgbà ní àárọ̀ àti alẹ́ lórí fóònù, pípè é láìjẹ́ pé ó gbà wá láyè, tàbí fífi ohùn gígùn ránṣẹ́ sí i, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀ tó dára di àjàgà.

Mo ní ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí sí Afijió. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa rò pé ẹni tó ní ojúlùmọ̀ ní Ìbàdàn nìkan ló lè wọlé, pé láìsí ìwé láti ọ̀dọ̀ olóṣèlú, ẹnu ọ̀nà ni a ó dúró sí. Mo mọ̀ pé ojúlùmọ̀ ń ṣe nǹkan ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọmọ Fìdítì ní ohun tí ọmọ ìgboro kò ní: igi ọsàn wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, ọjà tí èso náà ti ń bàjẹ́ sì wà lójú títì. Bí onímọ̀ bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ọmọ yìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò kí oòrùn tó wọ̀. Ohun tí olùwádìí ń fi owó àti mọ́tò wá kiri, àgbàlá bàbá rẹ̀ ni ó wà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń jókòó lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ dán an wò, ẹ kọ ohun tí ẹ rí bó ti rí gan-an, kí ẹ tó tọrọ. Ẹ̀yin onímọ̀ tí ẹ ń wá bá wa sọ̀rọ̀, bí irú ìwé yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ dá a lóhùn, kódà bó bá jẹ́ láti sọ orúkọ ẹni tí ọmọ náà lè bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlà méjì tó fún un.